Ẹ̀rọ Tó Ń Ké Lẹ́gbẹ̀ẹ́ Ibùsùn Bàbá Kékeré

Ọmọ mi,

Wọ́n gé ìka méjì kúrò lẹ́sẹ̀ Bàbá Kékeré láàárọ̀ àná. Ó ti lajú, ó sì ti mu omi. Mo fi ìyẹn ṣáájú kíkí kí o má baà máa wá a kiri inú lẹ́tà. Ó yá, mo kí ọ. Ṣé o jí dáadáa? Ṣé àwọn tí ẹ jọ ń ṣiṣẹ́ ò yọ ọ́ lẹ́nu? Ilẹ̀ tí ò ń tẹ̀ níbẹ̀ á rọ̀ ọ́ lọ́rùn, ohun tí o bá dáwọ́ lé kò ní já mọ́ ọ lọ́wọ́. Bàbá rẹ ní kí n kí ọ, ó ní òun ò bínú sí ọ. Èmi ń bínú.

Ohùn tí o fi ránṣẹ́ sínú fóònù Bàbá Kékeré ló fa ìbínú mi, èyí tí o ti ń pariwo pé, “Bàbá Kékeré, ohùn yín le koko, ẹ ti yá nìyẹn, lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀ ẹ ó ti wà nídìí maṣín!” Ọjọ́ mẹ́sàn-án gbáko ló fi ń gbé e fún dókítà gbọ́. Bí dókítà bá ti sọ pé àtọ̀gbẹ ti ba ìka méjì jẹ́, pé tí wọn ò bá tètè gé wọn, ìjẹrà náà á gun ẹsẹ̀ lọ sókè, Bàbá Kékeré, télọ̀ wa yìí, á tẹ fóònù, ìwọ á sì bẹ̀rẹ̀ sí í pariwo. Á ní kí wọ́n gbọ́ ọmọ ẹ̀gbọ́n òun, pé yunifásítì ló lọ, ṣé dókítà gbọ́n jù ú lọ ni? Mo ti rò pé ohùn èèyàn ò lè pẹ́ nínú nǹkan kékeré bẹ́ẹ̀, pé tó bá di ọjọ́ kẹta á há. Kò há. Ńṣe ló tún ń dún sí i.

Má rò pé ìwọ nìkan ni mò ń bá wí o. Ọjọ́ tí mo kọ́kọ́ lọ sí ọsibítù, ọkùnrin tó jókòó sẹ́nu ọ̀nà wọ́ọ̀dù gbé ìwé kan fún mi, ó ní kí n kọ bí mo ṣe jẹ́ sí aláìsàn. Àyè tí wọ́n fi sílẹ̀ ò gùn ju ìka kan lọ. Mo kọ ọ́ pé àbúrò ọkọ mi ni, pé mo bá a nílé nígbà tí mo wọlé ọkọ, nítorí náà ọkọ mi lòun náà, pé a jà nígbà kan torí ó rán búláòsì mi fún jù, pé ọ̀rọ̀ náà ti parí. Mo kọ ọ́ dé ẹ̀yìn ìwé. Ọkùnrin náà ní “ìyàwó ẹ̀gbọ́n” ti tó. Mo ní ta ló wá béèrè?

Wọ́n ní kí n fọwọ́, mo fọ̀ ọ́. Wọ́n ní kí n má jókòó sórí ibùsùn, mo dúró. Wọ́n fi nǹkan bíi pẹ́ẹ̀gì tí a fi ń mú aṣọ lórí okùn há Bàbá Kékeré ní ìka ọwọ́, okùn rẹ̀ wọ inú ẹ̀rọ kan tí ilà aláwọ̀ ewé ń sáré lójú rẹ̀. Ọ̀rẹ́ rẹ̀ tó ń ta bọ́tìnì wà níbẹ̀, ó ní, “Ẹ wo bí ẹ ṣe ń dán bí ọkọ ìyàwó!” Ẹ̀rọ náà ké. Onílé tó yá a ní ṣọ́ọ̀bù ní kò sí nǹkan kan tó ṣe é, ọ̀lẹ lásán ni. Ẹ̀rọ náà tún ké. Èmi náà, mo ní ẹ ti sanra sí i, bẹ́ẹ̀ mo rí i pé ojú rẹ̀ wú ni. Ẹ̀rọ náà figbe ta débi tí nọ́ọ̀sì fi sáré wọlé. Ojú tì mí.

Nọ́ọ̀sì ṣàlàyé pé tí inú bá bí i, ó máa ń ju ọwọ́, pẹ́ẹ̀gì á yọ, ẹ̀rọ ò ní gbúròó rẹ̀ mọ́, ló fi ń ké. Mo ní mo gbọ́. Ṣùgbọ́n mo ti dàgbà jù kí n má mọ ohun tó ń ká irọ́ mọ́ èèyàn lẹ́nu. Ó wá fà mí sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Ó ní èèyàn mẹ́rìnlá ló ti kí i lọ́sẹ̀ yẹn, gbogbo wọn ló ń sọ bó ṣe rí fún un, kò sí ẹni tó bi í bó ṣe ń ṣe é.

Lọ́jọ́ kejì, mo dá lọ. Ká má parọ́, ẹ̀rọ yẹn ni mò ń bẹ̀rù. Mo dúró síbi tó ti lè rí mi láìyí ọrùn. Mo ní, “Ẹ pẹ̀lẹ́, ọkọ mi. Ẹ kú ìnira, ẹ kú ìfaradà.” Mo wo ẹ̀rọ, kò wí nǹkan kan. Mo ní ẹ rù, ojú yín sì wú. Kò wí nǹkan kan. Mo wá bi í pé báwo lara ṣe jí, ibo ló ń ni yín lára jù. Ó ní “a dúpẹ́,” bí gbogbo ayé ṣe ń wí. Mo wá òtítọ́ míì tí mo lè fi lé e, mi ò rí, ni mo bá pa ẹnu mi dé.

Ìgbà tó pẹ́ díẹ̀, òun fúnra rẹ̀ sọ̀rọ̀. Ó ní, “Ìyàwó wa, ibi tó ń dùn mí kọ́ ló ń bà mí lẹ́rù, ibi tí kò dùn mí mọ́ ni. Kí n tó débí, ó ti tó ọ̀sẹ̀ mẹ́ta tí mi ò mọ̀ bóyá ẹsẹ̀ mi wà lórí pẹ́dà maṣín, àfi kí n tẹrí wò ó. Tí wọ́n bá gé e, kí ni màá fi jẹun?”

“Kò sí nǹkan kan” ti dé ètè mi. Mo bojú wo ẹ̀rọ, mo gbé e mì. Mo ní ó tó ohun tí í bani lẹ́rù, pé mi ò mọ bó ṣe máa rí, ṣùgbọ́n mo mọ̀ pé màá padà wá lọ́la. Mi ò sọ ìtàn ẹni tí irú ẹ̀ pa, mi ò sì sọ ti ẹni tó jàjà bọ́. Mo ní Ọlọ́run á fọwọ́ ìtura kàn yín. Ó ṣe àmín, àmín tó ti inú wá.

Ó wá bi mí pé ọmọ yín ńkọ́, ṣé irọ́ ló pa fún òun ni? Mo ní o ò rí ẹsẹ̀ rẹ̀, ìfẹ́ lo fi sọ̀rọ̀. Ó ní kí n pe dókítà. Ó bi í pé ìka wo, kí ló máa ṣẹ́ kù. Dókítà ní ìka kékeré àti èyí tó tẹ̀ lé e ni, pé tí ìjẹrà ò bá tíì kọjá ibẹ̀, àtàǹpàkò ẹsẹ̀ àti gìgísẹ̀ á wà, ó lè fi wọ́n kọ́ maṣín ní títẹ̀ padà. Bàbá Kékeré fọwọ́ sí ìwé pé kí wọ́n gé wọn. Mo dágbére, mo ń lọ ilé, torí aláìsàn kì í lè lé àlejò.

Nítorí náà, fi ohùn tuntun ránṣẹ́, kí ti tẹ́lẹ̀ lè rí ẹni lé e jáde. Sọ pé, “Bàbá Kékeré, ẹ pẹ̀lẹ́, mo gbọ́ pé wọ́n gé ìka yín. Báwo ló ṣe ń ṣe yín?” Kí o wá dákẹ́ fún ìgbà díẹ̀ nínú rẹ̀, kó lè rí àyè dá ọ lóhùn. Má fi àwòrán ọwọ́ tó ń pàtẹ́wọ́ tẹ̀ lé e mọ́, ó ń bi mí pé kí ni wọ́n ń yọ̀ fún.

Fi owó ọkọ̀ ránṣẹ́ sí mi, ojoojúmọ́ ni mò ń lọ. Fún awakọ̀ tó ń kó búrẹ́dì wá síbí kó bá ọ mú un wá. Má fi gba ẹ̀rọ inú ògiri báńkì. Ó ní kí n wí nọ́ńbà àṣírí mi, mo wí i sókè ketekete lẹ́ẹ̀mẹta, gbogbo àwọn tó tò sẹ́yìn mi gbọ́, òun nìkan ni kò gbọ́.

Ara rẹ á le, ẹsẹ̀ rẹ á máa gbé ọ lọ, á máa gbé ọ bọ̀. Ẹni tó bá fẹ́ràn rẹ á máa bá ọ sọ òótọ́.

Ọjọ́bọ̀ ni wọ́n máa tú báńdéèjì, kí wọ́n lè wò ó bóyá ìjẹrà náà dúró síbi tí wọ́n gé dé. Mo bi dókítà pé ṣé ó dúró. Ó wò mí lójú, ó ní òun ò tíì mọ̀.

Èmi ni,
Ìyá rẹ