Orin Ìyá Rẹ Tí A Fi Fọ Ilé Ápápá

Nusirat, ọmọ mi ọ̀wọ́n,

Mo kí ọ kú iṣẹ́, mo kí ọ kú wàhálà Boundary, mo sì kí ọ kú àmúmọ́ra àwọn tí ẹ jọ ń gbé ilé ní Ajégúnlẹ̀. Ọlọ́run Ọba kò ní jẹ́ kí ẹsẹ̀ rẹ yọ̀ lórí táìlì onítáìlì, kò ní jẹ́ kí ọṣẹ olóró bó ọ lọ́wọ́, kò sì ní jẹ́ kí ibi tí o ti ń jẹun di ibi àbámọ̀ fún ọ. Àmín. Ewúrẹ́ wa ti bímọ, atẹ́gùn sì ṣí páànù ilé ìdáná, mo ti fi òkúta tẹ̀ ẹ́. Ìròyìn ilé tán síbẹ̀, nítorí ọkàn mi kò balẹ̀ tó láti sọ̀rọ̀ ewúrẹ́.

Ọ̀rọ̀ Nkechi, tí ẹ jọ ń fọ ilé, ni. O sọ fún mi lórí fóònù tí o yá lánàá pé o kò ní mú un lọ sí iṣẹ́ Sátidé mọ́, pé ẹni tí ó da omi sí fóònù rẹ, tí ó tún ń búra pé òun kọ́, kì í ṣe ẹni tí a lè bá ṣiṣẹ́. Mo fẹ́ sọ òótọ́ fún ọ lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀, ṣùgbọ́n obìnrin inú fóònù yẹn, tí ó máa ń sọ pé ẹni tí a ń pè kò sí nítòsí, ó dá mi lójú pé ó ń gbọ́ gbogbo ohun tí a bá sọ, n kò sì fẹ́ kí àlejò gbọ́ àṣírí mi ṣáájú ọmọ mi. Nítorí náà ni mo ṣe fi ìwé yìí rán dẹ́rẹ́bà ọkọ̀ iṣu, tí yóò dé ọjà Boundary kí Sátidé tó pé. Jọ̀wọ́, kà á dé ìsàlẹ̀.

Èmi bàbá rẹ ni mo pa fóònù rẹ, Nusirat. Nkechi kò mọ nǹkan kan nípa rẹ̀.

Ìwọ náà rántí pé nígbà tí mo wá kí ọ, èmi ni mo bẹ̀ ọ́ kí o mú mi lọ wo ilé alájà tí ẹ fẹ́ fọ̀ ní Ápápá. Nínú kẹ̀kẹ́ ni o ti sọ fún mi pé Madam Tonye tí ó ni ilé náà ń mú ayálégbé bọ̀ kí oòrùn tó wọ̀, pé bí ilé bá mọ́, àwọn ilé rẹ̀ yòókù yóò bọ́ sí ọ lọ́wọ́, bí kò bá sì mọ́, ẹlòmíràn ni yóò máa pè. Mo ń wá àwọn òṣìṣẹ́ tí yóò ràn yín lọ́wọ́, n kò rí ẹnìkan. Ẹ̀yin méjèèjì ni, pẹ̀lú mọ́ọ̀pù, bọ́kẹ́ẹ̀tì, fóònù rẹ, àti ẹ̀rọ rìbìtì kékeré tí ohùn rẹ̀ ju ara rẹ̀ lọ.

Mo kọ́kọ́ fi yín ṣe yẹ̀yẹ́ nínú ọkàn mi. Ṣùgbọ́n mo rí i pé ètò ni ẹ ń tẹ̀ lé. Ẹnu àtẹ̀gùn ni o gbé ẹ̀rọ náà sí, kí yàrá gbogbo lè gbọ́ orin kan náà, kí ọwọ́ yín sì lè jọ máa lọ. Orin tí ènìyàn lè fi rìn gẹ̀rẹ̀gẹ̀rẹ̀ ni ẹ fi bẹ̀rẹ̀, nígbà tí ara ṣì ń jí. Nígbà tí ẹ dé orí ilẹ̀, orin yá sí i, búrọ́ọ̀ṣì ń lọ, ó ń bọ̀, pẹ̀lú ìlù. Nígbà tí ó kan fèrèsé, o fi èyí tí ó rọra díẹ̀ sí i, o ní apá tí a gbé sókè kì í pẹ́ rẹ̀. Èyí tí ó gbóná jù lọ, o ní ẹ̀yìn ìrun Àílà ni ẹ ń fi í pamọ́ dè, nígbà tí ara bá fẹ́ jókòó. Mo bi ọ́ pé kí ló dé tí ẹ kò gbọ́ orin tuntun, o ní orin tí ẹnu mọ̀ ni ẹ ń fẹ́, pé ẹni tí ẹnu rẹ̀ ń kọrin kì í rántí yàrá tí ó kù.

Níbẹ̀ ni ìmọ̀ tí mo kọ́ ní ilé-ẹ̀kọ́ Pólì ti gùn mí. Mo fọwọ́ kan fóònù tí o gbé sẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀rọ náà, ó gbóná. Mo rí àwòrán ọkọ̀ òfuurufú lórí rẹ̀, mo sì gbà pé òkè òkun ni orin náà ti ń bọ̀, ọ̀nà jíjìn ni ó mú un gbóná. A kọ́ wa pé kásẹ́ẹ̀tì tí ó bá gbóná, téèpù rẹ̀ yóò fà, ohùn olórin yóò sì bàjẹ́. Àánú àwọn olórin ṣe mí. Mo ki àkísà bọ omi bọ́kẹ́ẹ̀tì Nkechi, mo fi wé fóònù náà dáadáa bí ẹni wé ọmọ tí ara rẹ̀ ń gbóná. Orin dákẹ́. Mo tú àkísà kúrò, mo jáde lọ sí géètì, mo ń wo tírélà tí ń lọ sí èbúté bí ẹni pé èmi ni mo ni wọ́n.

Mo gbọ́ nígbà tí o ké mọ́ Nkechi. Mo gbọ́ nígbà tí ó ní kí Ọlọ́run òun gbé òun bí òun bá fọwọ́ kàn án, tí o sì dá a lóhùn pé ṣé fóònù ni ó rìn lọ wẹ̀ ni. Mo dákẹ́. Lẹ́yìn náà, ẹ pín yàrá, ẹ kò bá ara yín sọ̀rọ̀ mọ́. Búrọ́ọ̀ṣì tirẹ̀ ń lọ, tìrẹ ń dúró. O jókòó sórí àtẹ̀gùn, o ń wo àwọn yàrá tí ó kù, oòrùn sì ti ń yí padà. Ẹ̀rù bà mí nígbà náà.

Ìdí nìyẹn tí mo fi mú ìgbálẹ̀ tí mo sì dá orin: “Eruku, dìde, ó yá, jáde!” Mo kọ́ yín ní ègbè rẹ̀: “Jáde! Ilé kì í ṣe tìrẹ!” Lórí “jáde” ni ìgbálẹ̀ ń balẹ̀. Nkechi gbè é, ó fi “Comot!” tirẹ̀ sí i, ìwọ rẹ́rìn-ín láìfẹ́, ẹ sì dìde. A lé eruku, a lé aláǹtakùn, a lé èérí ilé ìwẹ̀. Madam Tonye dé, ó fi ìka nu ojú fèrèsé, ó wo ìka náà, ó sì fi kọ́kọ́rọ́ ilé mìíràn lé ọ lọ́wọ́. O bi mí níbo ni mo ti gbọ́ orin náà, mo ní mo gbọ́ ọ níbì kan.

Orin ìyá rẹ ni. Òun ni ó ń dá a nígbà tí a bá ń fọ ilé de Iléyá, nígbà tí o ṣì kéré. Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ gba ìwé ẹ̀rí nígbà náà, ojú ń tì mí pé kí ọ̀gá mi bá aya mi lẹ́nu orin ìgbálẹ̀. N kò ní ìgboyà láti sọ pé ojú tèmi ni ó ń tì. Mo sọ fún un pé ìwọ ni o ní àwọn ọmọ ilé-ìwé rẹ ń fi ọ́ ṣẹ̀sín nítorí orin náà. Nítorí rẹ ni ìyá rẹ, Ràbíátù, kò fi dá orin náà mọ́ láti ìgbà náà. Irọ́ ni mo pa mọ́ ọ. Mo sì fẹ́rẹ̀ẹ́ tún fi ìdákẹ́ mi ṣe irú rẹ̀ fún ọmọ ọlọ́mọ.

Dárí jì mí. Lọ bá Nkechi kí Sátidé tó tó, bẹ̀ ẹ́ ní orúkọ mi, kí ẹ sì jọ lọ. Bí ọwọ́ rẹ bá dẹ̀ díẹ̀, fi owó ránṣẹ́ fún páànù, àti fún rédíò kékeré kan fún ìyá rẹ, mo ṣèlérí pé n kò ní fi omi tù ú. Ọlọ́run yóò fún ọ ní ilé tìrẹ tí ìwọ yóò máa fọ̀ pẹ̀lú ayọ̀.

Mo ti jẹ́wọ́ fún ìyá rẹ láàárọ̀ yìí. Ó mú ìgbálẹ̀, ó jáde. Ó wà lẹ́yìn fèrèsé bí mo ti ń kọ̀wé yìí. Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ dá orin náà láti ibi tí mo jókòó sí. Ìgbálẹ̀ dúró. Kò tíì gbè é, Nusirat, ṣùgbọ́n ìgbálẹ̀ ti tún bẹ̀rẹ̀, lórí “jáde” ni ó sì ń balẹ̀.

Èmi ni bàbá rẹ,
Àlíù