Ìṣẹ́jú Márùn-ún fún Màmá Akọ̀wé

Ọmọ mi ọ̀wọ́n,

Ìṣẹ́jú márùn-ún ni wọ́n fún mi. Mo fi ogún ìṣẹ́jú-àáyá kí ìjọ, mo fi ìṣẹ́jú kan àti ààbọ̀ sọ ti ọjọ́ òjò, mo ná ìṣẹ́jú méjì sórí ọ̀rọ̀ àga, ẹ̀rín ìjọ sì jẹ ìṣẹ́jú kan àti ìṣẹ́jú-àáyá mẹ́wàá. Èyí tó kù: òdo.

Ṣé dáadáa lo wà? Níbi tí wọ́n bá ti ń pín ire, kò ní tán kó tó kàn ọ́. Ara ìyá rẹ le, ẹnu rẹ̀ náà sì le.

Màmá Akọ̀wé fẹ̀yìn tì lọ́jọ́ Ìsinmi tó kọjá, lẹ́yìn ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n tí wọ́n ti ń kọ ìwé ìjọ, èmi káfíńtà ni wọ́n sì ní kí n sọ̀rọ̀ ìdúpẹ́. Ojú ewé mẹ́ta ni mo kọ́kọ́ kọ. Mo kà á fún ìyá rẹ, ó di ìṣẹ́jú mọ́kànlá. Kíkí àwọn àgbà ìjọ lọ́kọ̀ọ̀kan nìkan jẹ mẹ́rin. Ìyá rẹ ní ṣé òkú ni mò ń kí ni, pé gbogbo 'olóòótọ́, onírẹ̀lẹ̀, onínúure' tí mo kọ yìí, ẹni tí kò rí màmá náà rí lè kọ ọ́. Ohun tí ìwọ náà kọ ránṣẹ́ nìyẹn: kí n má to ìwà jọ, kí n sọ ohun tí mo fojú rí, kí n mú méjì péré, kí n kà á sókè kí n sì fi aago wọ̀n ọ́n, kí n wo ojú màmá, kì í ṣe ìwé. Mo bá fa ìlà pa ojú ewé kan àti ààbọ̀. Ó dùn mí bí ẹni tó gé pákó gidi dànù.

Aago tí ń kà sẹ́yìn nínú fóònù tí o rà fún mi ni mo gbé síwájú. Mo mọ̀ pé ohunkóhun tí fóònù bá ń kà, owó ló ń kà, torí náà mo ti fi owó ìṣẹ́jú márùn-ún sínú rẹ̀ lọ́jọ́ Sátidé, mo sì búra pé n kò ní wọ gbèsè níwájú pẹpẹ.

Mo sọ ti ọjọ́ tí òrùlé ọ́fíìsì ìjọ ń jò, tí màmá bọ́ aṣọ òjò wọn bo ìwé ìrìbọmi, tí àwọn fúnra wọn jókòó sínú omi, tí wọ́n ń kọ orúkọ ọmọ lọ. Wọ́n bi bàbá kan bó ṣe fẹ́ kí wọ́n kọ orúkọ ọmọ rẹ̀, ó ní bó bá ṣe wù wọ́n. Wọ́n ní kò wu àwọn, ọmọ ló máa jẹ́ ẹ. Ìjọ rẹ́rìn-ín. N kò ṣírò ẹ̀rín, torí ìyá rẹ kò rẹ́rìn-ín nígbà tí mò ń dán an wò nílé.

Ìrántí kejì nínú ìwé mi ni bí màmá ṣe ka àga gígùn mẹ́ẹ̀ẹ́dógún tí mo kàn fún ìjọ ní ọdún méjìlélógún sẹ́yìn. Mo gbójú sókè bí o ṣe ní kí n ṣe. Màmá ń wò mí láti òkè awò ojú wọn, bí wọ́n ṣe wò mí lọ́jọ́ náà gan-an. Irọ́ náà kò jáde mọ́. Mo ní kí ìjọ má bínú, méjìlá ni. Owó mẹ́ẹ̀ẹ́dógún ni mo gbà, mo ní mo ti kó gbogbo rẹ̀ dé, ìgbìmọ̀ sì gbà mí gbọ́. Màmá nìkan ló mú pẹ́ńsùlù wọlé lọ kà wọ́n. Wọn kò pariwo mi, wọn kò sì bá mi purọ́. Ohun tí wọ́n kọ sínú ìwé ìpàdé ni: 'Káfíńtà ti kó méjìlá dé, mẹ́ta ń bọ̀.' Láti ọdún méjìlélógún, ó ń bọ̀. Ìjọ bú sẹ́rìn-ín, àlùfáà fi pẹpẹ gbára dúró.

Mo wá ní ohun tí mo fẹ́ kí ẹ mọ̀ nípa màmá yìí ni pé... Fóònù ké. Mo pa ẹnu dé, mo lọ jókòó, n kò lówó ìṣẹ́jú kẹfà. Gbogbo ìjọ dìde, wọ́n ń pàtẹ́wọ́, wọ́n ní àwọn kò gbọ́ irú ìparí ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ rí. Mo yẹ owó inú fóònù wò, kò dín rárá. Ó jọ pé àwọn tó ni ilé-iṣẹ́ fóònù kì í gbowó lọ́jọ́ Ìsinmi. Bá mi dúpẹ́ lọ́wọ́ wọn bí o bá rí wọn nílùú ńlá.

Màmá dúró dè mí lẹ́nu ọ̀nà, wọ́n ní káfíńtà, parí ọ̀rọ̀ rẹ. Mo ní wọ́n bò mí láṣìírí ni. Wọ́n ní àwọn kò bo nǹkan kan, 'ń bọ̀' ni àwọn kọ, àwọn ṣì ń retí. Wọ́n ní ìparí oṣù yìí ni akọ̀wé tuntun máa gba ìwé, àwọn sì fẹ́ fi ọwọ́ ara àwọn fa ìlà pa 'mẹ́ta ń bọ̀' náà.

Ọmọ mi, owó àga mẹ́ta yẹn ni mo fi san owó ìdánwò rẹ lọ́dún náà. Àkókò ni kò jẹ́ kí n sọ ọ́ níwájú ìjọ. Pákó mẹ́sàn-án ni mo nílò, mẹ́rin wà nílé. Fi owó pákó márùn-ún ránṣẹ́, àti ti ìṣó. Kí Ọlọ́run jẹ́ kí àwọn tí ń kọ ìwé nípa rẹ jẹ́ olóòótọ́ tó láàánú.

Èmi ni, bàbá rẹ.

Gbèsè tó wà nílẹ̀: àga gígùn mẹ́ta.