Mo Sá Kó Tó Di Ìjà

Ọjọ́ Àìkú, ìrọ̀lẹ́

Ìwé mi, má bínú, mo tún gbé ẹkún mi dé.

Dàpọ̀, ọmọ kíláàsì mi tí èmi àti ẹ̀ ń fẹ́ra wa, mú mi lọ kí àwọn òbí rẹ̀ ní Ẹgbẹ́dá. À ń jẹun lọ́wọ́ ni màmá rẹ̀ pariwo: “Bàbá Dàpọ̀, ẹ tún ti jí ẹran mi!”

Kí n tó mọ̀, mo ti gbé ọbẹ̀ gbígbóná kúrò níwájú wọn, bí mo ṣe máa ń ṣe nílé wa kí Màámi má baà dà á lé Bàámi lórí.

Eré ni wọ́n ń ṣe. Wọ́n bú sẹ́rìn-ín.

Lọ́nà, Dàpọ̀ ní òun náà fẹ́ wá kí àwọn òbí mi. Mo ní mi ò fẹ́ ẹ mọ́. Kò bá mi jà.

Mo fẹ́ràn rẹ̀. Jọ̀ọ́, má sọ fún ẹnikẹ́ni.