Kàlẹ́ńdà Tí Mo Fi Ránṣẹ́ sí Kàdúná

Olóòtú wa, ẹ kú iṣẹ́ ìlú o. Ẹ má dárúkọ mi. Tíṣà ni mí ní Kemta.

Ó lé ní ọdún mẹ́ta tí ọkọ mi fi ṣiṣẹ́ ọ́fíìsì ní Kàdúná. Tí mo bá béèrè ìgbà tí a máa gbé pọ̀, á ní, “Láìpẹ́, Ìyá Tẹjú.” Ní oṣù kìíní, mo fi kàlẹ́ńdà ṣọ́ọ̀ṣì ránṣẹ́ sí i. Mo kọ ọ́ sẹ́yìn rẹ̀ pé: “Ẹ fi bírò yí ọjọ́ kan ká. Ta ló máa kó wá bá ẹnì kejì? Tó bá jẹ́ èmi, màá fiṣẹ́ sílẹ̀.”

Ìyá ọkọ mi ní mo yájú sí ọkọ.

Ọkọ mi dá kàlẹ́ńdà padà. Ó ti yí ọjọ́ kìíní oṣù kẹsàn-án ká. Ó ní òun ti béèrè fún tiransífáà. Tí ọ̀gá òun ò bá fọwọ́ sí i, òun á wá bá ẹ̀gbọ́n òun ta pákó ní Láfẹ́nwá.

Ọ̀gá ò fọwọ́ sí i. Ọjọ́ tó yí ká yẹn gan-an ni ọkọ mi dé, tòun ti bẹ́ẹ̀dì rẹ̀.

Lánàá, ìyá ọkọ mi wá. Wọ́n ní kí n bá àwọn wá irú kàlẹ́ńdà yẹn fún ọmọ wọn obìnrin tí ọkọ rẹ̀ wà ní Kánò. Ẹ bá mi bi àwọn olùgbọ́: ṣé kí n fún wọn, àbí kí n ní, “Láìpẹ́, Màmá”?