Ọpẹ́ Tó Pẹ́ Kó Tó Dé Ọ̀dọ̀ Àǹtí Sàláwà

Bàbá mi àtàtà,

Mo ṣẹ àbúrò yín, Àǹtí Sàláwà, bẹ́ẹ̀ àwọn lẹ fi mí lé lọ́wọ́ kẹ́ ẹ tó lọ sọ́run. Ẹ jẹ́ kí n rò ó fún yín bó ṣe jẹ́.

Káyọ̀dé ọmọ mi, èyí tó ń ta páàtì ọkọ̀ ní ọjà Abossey Okai, ló ṣàìsàn. Ibà lásán la pè é. Ó ń ra oògùn ní kẹ́míìsì, ó sì ń lọ síbi iṣẹ́. Mo sọ̀rọ̀ sọ̀rọ̀, àmọ́ àwọn ọmọ ti dàgbà, wọn kì í gbọ́ mọ́. Ìgbà tí ikùn rẹ̀ le bíi pákó la tó gbé e dé ọsibítù. Táífọ́ọ̀dù ti dá ìfun rẹ̀ lu. Ọjọ́ náà gan-an ni wọ́n ṣiṣẹ́ abẹ fún un.

Bàbá, ṣé ẹ rí wa níbi tẹ́ ẹ wà? Mo bẹ gbogbo ẹni tó lè gbàdúrà. Àwọn ìyá ìjọ wa pín ààwẹ̀ láàárín ara wọn, ẹnì kan lójúmọ́. Ẹsẹ̀ kò jẹ́ kí Àǹtí lè wá sí ọsibítù, ṣùgbọ́n wọ́n ní àwọn á máa gbààwẹ̀ ní Mọ́ńdè àti Tọ́sìdeè, pé àwọn obìnrin asàlátù á máa bá àwọn ṣe àmín. Dókítà ní àfi kí ọmọ kọ́kọ́ só ká tó lè fún un lómi, ìyẹn la ó fi mọ̀ pé ìfun ti ń ṣiṣẹ́. Ọjọ́ mẹ́rin la fi retí isó, Bàbá! Nígbà tó dé, mo kọ ọ́ sórí Wásáàpù ìjọ pé Káyọ̀dé ti só o, gbogbo wọn ń dáhùn Halelúyà. Ẹ̀yin ì bá rẹ́rìn-ín.

Ó padà wálé. Mo pe Àǹtí lẹ́ẹ̀mejì, fóònù wọn kò wọlé. Mo ní n ó lọ lọ́la. Ọ̀la di ọ̀sẹ̀ mẹ́ta.

Mo fi orúkọ wa sílẹ̀ lọ́dọ̀ akọ̀wé ìjọ fún ìdúpẹ́. Lọ́jọ́ Ìsinmi, a jó lọ síwájú pẹpẹ, a kúnlẹ̀, pásítọ̀ gbàdúrà lé wa lórí. Nígbà tí wọ́n fún mi ní makirofóònù, mo ní n kò wá yangàn, pé ẹni tó wà ní bẹ́ẹ̀dì kejì sí tiwa náà ní ìyá tó ń gbàdúrà fún un, síbẹ̀ ó kú. Àánú lásán la rí gbà. Lẹ́yìn ìsìn, mo lọ bá àwọn ìyá náà lọ́kọ̀ọ̀kan, mo kúnlẹ̀, mo kí wọn kú àdúrótì. Iwájú ẹni kẹfà ni mo wà tí mo fi rántí Àǹtí. Èmi tí mo ń dúpẹ́ káàkiri, n kò tíì dé ọ̀dọ̀ ẹ̀jẹ̀ mi.

Àárọ̀ Mọ́ńdè, a ra búrẹ́dì, mílíìkì àti ṣúgà, a wọkọ̀ lọ sílé Àǹtí ní Nima. Lọ́nà, mo ń kọ́ Káyọ̀dé ní ohun tó máa sọ, torí Yorùbá rẹ̀, gbígbọ́ ló pọ̀ ju sísọ lọ. Ojú abẹ kò sì jẹ́ kó lè dọ̀bálẹ̀. Ẹ̀rù ń bà mí pé Àǹtí á rí i bí ọmọ tí kò lẹ́kọ̀ọ́.

A bá wọn lórí ẹní. Wọ́n ti rù. Mo kúnlẹ̀. Káyọ̀dé bẹ̀rẹ̀, ó fọwọ́ kan ilẹ̀. Wọ́n wò ó látòkè délẹ̀. Mo dúpẹ́, mo bẹ̀bẹ̀, mo tún dúpẹ́. Mo gbé búrẹ́dì síwájú wọn, wọ́n tì í sẹ́yìn. Mo bu omi, wọ́n mi orí. Bàbá, ẹ mọ̀ pé nílé wa, ẹni tó bá kọ omi ẹni ti kọ ẹni. Mo bú sẹ́kún. Mo ní kí wọ́n nà mí tí wọ́n bá fẹ́, kí wọ́n ṣáà má gba àdúrà wọn padà lórí ọmọ.

“Ta ló ń bá ẹ jà?” ni wọ́n wí. “Ṣebí Mọ́ńdè lòní? Mo wà lẹ́nu ààwẹ̀ ni.”

Mo bi wọ́n pé ààwẹ̀ kí ni.

“Ti Káyọ̀dé. Ta ló wá sọ fún mi pé kí n dáwọ́ dúró?”

Bàbá, n kò mọ ibi tí mo máa fojú sí. Mo ti rò pé ìwà ọmọlúàbí lásán lọpẹ́. N kò mọ̀ pé òun la fi ń tú aláàdúrà sílẹ̀ kó lè lọ jẹun. Ọmọ ti ń jẹ ẹ̀kọ kẹ́ńkè nílé, ìyá arúgbó ṣì ń febi pa ara wọn nítorí rẹ̀. Ṣé ẹ lè dárí irú èyí jì mí?

Káyọ̀dé ló kọjú sí Àǹtí, ó kọ́kọ́ fi èdè ìlú yìí dúpẹ́. “Màmá, medaase. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹun. Ara mi ti yá.”

Wọ́n ní ó di ìgbà tí oòrùn bá wọ̀, pé ààwẹ̀ ẹ̀bẹ̀ ti àárọ̀ ti di ti ọpẹ́ báyìí. Wọ́n wá ti búrẹ́dì náà sọ́dọ̀ rẹ̀.

“Ìwọ ni kó o jẹ ẹ́, kí n rí i.”

Ó jókòó, ó ń jẹ ẹ́ díẹ̀díẹ̀, Àǹtí sì ń wo ọ̀fun rẹ̀ bó ṣe ń gbé òkèlè kọ̀ọ̀kan mì. Nígbà tó tán, Àǹtí fi etí ìborùn nu ẹnu tiwọn, bí ẹni pé àwọn ló jẹun.

Èmi ni, ọmọbìnrin yín tí ojú ń tì, tí ìfẹ́ yín kò sì kúrò lọ́kàn rẹ̀.