Ohun Tí Ọ̀rọ̀ Mẹ́ta Ara Pátákó Ràṣídì Ń Sọ

Bàbá mi, ẹ kú ilé o, ẹ sì kú ojú lọ́nà ìdáhùn mi. Mo dọ̀bálẹ̀ gbọọrọ fún yín láti Ajégúnlẹ̀ níbí. Mo kí Ìyá wa, mo bá a tọrọ ìfọ̀kànbalẹ̀ lọ́wọ́ Ọlọ́run. Ẹ bá mi kí àbúrò mi Múfútáù, ẹni tí ẹ ní ó ti di ẹrù tán.

Ara mi le, a dúpẹ́. Òjò ni kò jẹ́ ká gbádùn lóṣù yìí. Omi ń wọlé bá wa, bíríkì la fi gbé bẹ́ẹ̀dì sókè. Láti ìgbà tí Ràṣídì ọmọ ìyá mi ti lọ, èmi nìkan ni mò ń sùn nínú yàrá tí àwa méjèèjì jọ háyà. Nígbà míì mo máa ń bu gàárì èèyàn méjì kí n tó rántí.

Lẹ́tà yín tẹ̀ mí lọ́wọ́. Ẹ ní àgùnbánirọ̀ tó ń kọ́ àwọn ọmọ lábúlé yà sílé wa mu omi, ó gbójú sókè, ó ka ohun tí ayàwòrán kọ sókè ilẹ̀kùn, ó wá ní ìtumọ̀ tí ẹ sọ fún òun kọ́ ló wà níbẹ̀. Ẹ ní kí n kọ ìtumọ̀ rẹ̀ ní èdè tí àgbẹ̀ yóò gbọ́, kí ẹ lè fi pa ọmọ náà lẹ́nu mọ́ kí Múfútáù tó wọkọ̀ wá síbi iṣẹ́ wa ní Àpápá. Bàbá, ọmọ náà kò purọ́. Èmi ni mo purọ́. Níwájú gbogbo ìlú ni mo sì ti pa irọ́ náà, ìdí nìyẹn tí mo fi ní kí wọ́n tẹ lẹ́tà yìí sínú ìwé ìròyìn.

Ẹ rántí ọjọ́ àdúrà ọjọ́ kẹjọ. Mo gbé pátákó onídẹ tí ilé iṣẹ́ fi ránṣẹ́ kalẹ̀ síwájú yín. Orúkọ Ràṣídì wà lókè, LABOR OMNIA VINCIT wà nísàlẹ̀. Gbogbo yín kọjú sí mi, èmi ará Èkó. Ojú tì mí láti sọ pé n kò mọ̀ ọ́n, ni mo bá ní ó túmọ̀ sí pé, a kò ní gbàgbé rẹ̀ láéláé. Ìyá wa sunkún, ó súre fún ọ̀gá wa. Àlùfáà fi ṣe wáàsí. Ẹ̀yin náà ní ilé iṣẹ́ tí kì í gbàgbé èèyàn ni ẹ ó fi Múfútáù náà sí.

Nígbà tí mo padà dé, mo gbé ọ̀rọ̀ náà lọ bá Tíṣà, bàbá ará Ásábà kan tí a jọ ń gbé ilé kan náà. Ilé ẹ̀kọ́ àwọn fádà ló lọ nígbà èwe rẹ̀, kó tó lọ gbéyàwó. Ó fi pìjín bi mí bóyá òótọ́ ni mo fẹ́ àbí èyí tó dùn. Mo ní òótọ́.

Ó ní Látìnì ni, èdè àwọn ará Róòmù ayé àtijọ́. Kò sí ìyá tó ń fi í bá ọmọ wí lóde òní. Àwọn ilé ìwé àti ilé iṣẹ́ a máa fà á yọ sára báàjì kó lè dà bíi pé ilé wọn ti pẹ́ láyé. Labor ni iṣẹ́. Ìyẹn náà ni òyìnbó gbà lò títí ó fi di lébìrà lẹ́nu tiwa. Ṣùgbọ́n kì í ṣe iṣẹ́ lásán, làálàá àti ìnira wà nínú rẹ̀. Omnia ni ohun gbogbo. Vincit ni pé ó ń ṣẹ́gun. Iṣẹ́ ń ṣẹ́gun ohun gbogbo: kò ju bẹ́ẹ̀ lọ. Kò sí gbàgbé níbẹ̀, kò sí rántí.

Mo bá a jiyàn. Mo ní ohun gbogbo ló ṣáájú ṣẹ́gun, bóyá ohun gbogbo ló ń ṣẹ́gun iṣẹ́. Ó ní nínú èdè tiwa, bí a bá ní ajá bu Àjàní jẹ, ipò tí ọ̀rọ̀ wà ló ń sọ ẹni tó buni jẹ. Látìnì kò rí bẹ́ẹ̀, ìrù ọ̀rọ̀ ló ń sọ ọ́. Ìrù vincit sọ pé ohun kan ṣoṣo ló ń ṣẹ́gun. Omnia pọ̀, kò lè jẹ́ òun. Bí a bá da ọ̀rọ̀ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta rú bí a ti fẹ́, iṣẹ́ náà ni yóò ṣẹ́gun.

Mo wá bi í pé èèyàn ńkọ́, ṣé èèyàn wà nínú ohun gbogbo yẹn? Ó ní ọ̀rọ̀ tí wọ́n ń lò fún gbogbo èèyàn yàtọ̀, nǹkan ni omnia. Ó tún ní inú ìwé àtijọ́ kan tó sọ̀rọ̀ iṣẹ́ oko ni wọ́n ti mú un, àti pé níbẹ̀, iṣẹ́ ti ṣẹ́gun tán, ọ̀rọ̀ kan sì wà tó ṣàpèjúwe iṣẹ́ náà, pé kò mọ ojú àánú. Àwọn tó sọ ọ́ di àkọlé ló gé ìyẹn kúrò.

Ẹ̀yin àgbẹ̀ ni, ẹ mọ iṣẹ́ tí kò mọ ojú àánú. Ẹ jẹ́ kí n sọ tiwa. Ràṣídì ti to àpò ìyẹ̀fun láàárọ̀, ó tò ó lálẹ́, wọ́n tún ní ta ni yóò dúró de àárọ̀ kejì. Èmi ni mò ń kọ orúkọ. Mo kọ tirẹ̀. Lẹ́tà yín wà lápò mi lọ́jọ́ náà, ẹ ní páànù ilé kò tíì pé. Ó ń tòògbé lórí ìdúró nígbà tí òkìtì àpò náà ya lù ú. Páànù ti pé báyìí, abẹ́ rẹ̀ ni ẹ kọ LABOR OMNIA VINCIT sí. Bí ó bá dùn yín, ó dun èmi náà. N kò mọ bí mo ṣe lè sọ ọ́ kó dẹ̀.

Lẹ́yìn ìsìnkú, wọ́n fi mí ṣe fóòmàn. Mo gbà á. Mo ti mọ ìtumọ̀ ọ̀rọ̀ náà láti ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn, mo sì panu mọ́ nítorí ẹ ti ń yangàn.

Lọ́sẹ̀ tó kọjá, wọ́n rán mi lọ mú ìbọ̀wọ́ ní sítọ́ọ̀. Mo ṣí páálí tí kì í ṣe ti ìbọ̀wọ́. Pátákó onídẹ ló wà nínú rẹ̀, wọ́n tò wọ́n bí àwo ìyàwó. Ọ̀rọ̀ mẹ́ta náà wà lára gbogbo wọn. Òkè nìkan ló ṣófo, níbi tí orúkọ máa ń wà. Ẹni tó ń ṣọ́ sítọ́ọ̀ ní rírà wọ́n pọ̀ lẹ́ẹ̀kan ló dínwó.

Bàbá, ẹ tú ẹrù Múfútáù. Ẹ ní kí ayàwòrán fi ọ̀dà pa òkè ilẹ̀kùn rẹ́. Bí ọmọ náà bá wá, èmi ni n óò kọ orúkọ rẹ̀ láàárọ̀, èmi náà ni wọn yóò tún fi pátákó rán sí yín.

Kí Ọlọ́run fi Ràṣídì sí àlùjánnà, kó dá ẹ̀mí yín sí, kó jẹ́ kí Ìyá wa lè tún dárúkọ mi. Mo kí gbogbo ilé, mo kí àgùnbánirọ̀ yẹn náà.

Èmi ni Gàníyù, ọmọ yín.