Ilé Tí Ẹ Fi Igi Yà Sílẹ̀

Bàbá mi ọ̀wọ́n,

Ilé yín ti yọ. Kì í ṣe lórí ilẹ̀ o, inú kọ̀ǹpútà ló ti yọ. Èyí tí ẹ máa ń fi igi yà sílẹ̀ níwájú ilé alámọ̀ wa n'Ígbó-Ọrà, tí èmi náà á bá yín di igi mú, tí Màmá á fi ẹsẹ̀ pa ilé ìdáná rẹ́ pé kò ní fèrèsé tó kọjú sí títì. Ṣé ẹ rántí? Mo ti fi fèrèsé náà síbẹ̀.

Ìlà lásán ni mo kọ́kọ́ fi gbé e dúró. Mo fi àwọ̀ símẹ́ǹtì wọ ògiri, mo fi ti páànù wọ òrùlé, mo wá yan ibi tí oòrùn ti máa ràn àti ibi tí ẹni tó ń wo ilé máa dúró sí. Ibi tí ẹ máa ń dúró sí wo ilẹ̀ yín ni mo yàn, létí títì Èrúwà, nírọ̀lẹ́. Lẹ́yìn náà, iṣẹ́ kúrò lọ́wọ́ mi. Kọ̀ǹpútà ló ń yà á fúnra rẹ̀, láti òkè wá sílẹ̀, díẹ̀díẹ̀. Iná lọ, gbogbo rẹ̀ pa rẹ́, a tún bẹ̀rẹ̀ látòkè. Nígbà tí òjìji páànù balẹ̀ sára ògiri, omijé bọ́ lójú mi. Ilé gidi ni, Bàbá.

Mi ò fi sàréè yín sí i. Ẹ̀yin lẹ ní bí ẹ ò bá lè kọ́lé sórí ilẹ̀ yẹn, kí wọ́n sin yín síbẹ̀. Àìsàn Màmá ti le, mi ò fẹ́ kí ó rí i. Mo fi koríko bo ojú ibẹ̀, mo sì gbé mọ́tò pupa kan lé e níwájú ilé kí àwòrán lè fani mọ́ra, bí àwa tó ń fi kọ̀ǹpútà yàwòrán ilé ti máa ń ṣe.

Mo tẹ àwòrán náà sórí bébà, mo gbé e lọ bá Màmá lórí ẹní. Ó rí fèrèsé rẹ̀, ó rẹ́rìn-ín. Ìka rẹ̀ wá dúró lórí mọ́tò.

“Bàbá rẹ rèé. Ta ló gbé mọ́tò lé wọn lórí?”

Ó tún fi ìka kan ibẹ̀.

“Dá wọn padà síbẹ̀. Kí o fi àyè tèmi sílẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn. Mi ò ní gbé ilé yẹn, ọmọ mi. Ìwọ náà mọ̀.”

Inú bí mi sí yín lọ́jọ́ náà. Kí ló dé tí ẹ ò dúró de Màmá?

Mo ti gbé mọ́tò kúrò. Sàréè méjì ni mo fi síbẹ̀. Kọ̀ǹpútà ń yà á bí mo ṣe ń kọ èyí. Ó ti dé fèrèsé Màmá, kò tíì kan ilẹ̀ níbi tí sàréè wà. Ìgbà àkọ́kọ́ rèé láyé mi tí mò ń gbàdúrà kí iná lọ.

Èmi ọmọ yín, tí ọwọ́ rẹ̀ ṣì wà lára igi yín.